Ìwé Màámi Kò Purọ́, Àmọ́ Kò Sọ Òdodo Tán

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí ìwé pélébé kan fi gba oorun lójú mi. Ìwé ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n tẹ ìṣirò ìsọdipúpọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, tí Màámi sì fi bírò pupa kọ “ṣúgà” sí iwájú rẹ̀. Láràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí wọ́n ń lò lọ́dọ̀ wa ní Kubwa, wọ́n á gún ìka, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ kan sítíríìpù, wọ́n á sì kọ iye tí ẹ̀rọ bá gbé jáde. 126. 131. 122. 134. 128. Wọn kì í fo ọjọ́ kan. Ẹnikẹ́ni tó mọ nǹkan nípa àtọ̀gbẹ tó bá ṣí ìwé náà yóò yìn wọ́n, nítorí pé láàárín 80 sí 130 mg/dL ni àwọn dókítà ń fẹ́ kí ṣúgà òwúrọ̀ wà fún ọ̀pọ̀ àgbà tó ní àrùn yìí, kí wọ́n tó fi ohunkóhun kan ẹnu.

Ìgbà tó yá ni èsì àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta dé láti láàbù: HbA1c, 8.7%. Bí a bá yí iye yẹn padà sí irú òǹkà tí ẹ̀rọ ìka máa ń sọ, ohun tó ń wí ni pé ìpíndọ́gba ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Màámi, tọ̀sán-tòru, fún nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta, wà ní àyíká 203. Ìwé ń sọ 128, láàbù ń sọ 203.

Láàbù ni mo kọ́kọ́ fura sí. Dókítà náà béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí Màámi jẹ́, torí pé àyẹ̀wò yìí kì í ṣeé gbára lé fún ẹni tó jẹ́ SS tàbí ẹni tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí lára láìpẹ́. AA ni wọ́n. Mo wá fura sí ẹ̀rọ. Àmọ́ a ti gbé ẹ̀rọ náà dání lọ sí láàbù láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, Màámi sì gún ìka níbẹ̀: ẹ̀rọ sọ 133, láàbù sọ 127 fún ẹ̀jẹ̀ wákàtí kan náà. Kò sí ìjà láàárín iye méjì bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ dára, láàbù dára, Màámi kò sì yí òǹkà padà. Ohun tó ń dà mí láàmú nìyẹn: báwo ni gbogbo wọn ṣe lè máa sọ òótọ́?

Hóró márùn-ún tó kù

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù ni mo rí ìdáhùn, kì í sì í ṣe pé mo ń wá a. Ìyàwó mi rán mi lọ mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ nínú dúrọ́ọ̀ Màámi, mo sì rí páálí oògùn wọn níbẹ̀. Oògùn alápapọ̀ ni dókítà kọ fún wọn nígbà náà, mẹtifọ́mìn àti fidagilíbítìn nínú hóró kan ṣoṣo, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Ọgbọ̀n hóró ló wà nínú páálí kan. Èmi ni mo rà á ní ọjọ́ kẹta oṣù, mo sì kó owó páálí kejì lé wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Hóró méjì lójúmọ́: ó yẹ kí páálí àkọ́kọ́ tán ní ọjọ́ kejìdínlógún, kí èkejì sì ti lọ ju ìdajì. Páálí àkọ́kọ́ yẹn ló wà lọ́wọ́ mi, hóró 5 sì kù nínú rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń kà á. Alẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà láti ọjọ́ kẹta dé ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ọgbọ̀n dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó ku márùn-ún. Hóró alẹ́ nìkan ni Màámi ń lò.

Nígbà tí wọ́n wọlé tí wọ́n bá mi pẹ̀lú páálí lọ́wọ́, ojú kò tì wọ́n rárá. “Àkànní, o ti rí i nìyẹn. Ṣé mo wá lè máa jẹ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ tán ni?”

Mo ní, “Màámi, dókítà ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.”

“Mo mọ̀. Mo dín in kù díẹ̀díẹ̀, mo sì ń fi sítíríìpù wò ó láràárọ̀. Ká ní ṣúgà gòkè ni, ǹ bá padà sí méjì. Kò gòkè. O rí ìwé. Owó kejì yẹn ni mo fi ń ra sítíríìpù.”

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ mi ò rí ibi tí máa ti bẹ̀rẹ̀ ìbínú ọ̀hún. Obìnrin tí kò kàwé ju mọ́dà lọ ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ lára ara rẹ̀, ó yí nǹkan kan padà, ó ń wọ̀n ọ́n, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣe tán láti padà sẹ́yìn bí èsì bá burú. Mo mọ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ibi kan ṣoṣo ló ti ṣìnà: wákàtí tó fi ń wò ó.

Ìdí tí òwúrọ̀ fi ń dán

Ṣúgà tí a bá bá nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìdájí kì í ṣe ti oúnjẹ alẹ́ nìkan. Bí a bá sùn, ẹ̀dọ̀ wa ni ó ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀ kí ọpọlọ má baà ṣaláìrí nǹkan lò títí ilẹ̀ fi mọ́. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì, ẹ̀dọ̀ kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dẹwọ́, a máa tú u jáde ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ mẹtifọ́mìn tó tóbi jù ni pé ó ń di ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́ mú. Nítorí náà, hóró tí Màámi ń lò lálẹ́ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ní òru, wọ́n sì ń jí bá iye tó dára. Àmọ́ kò sí hóró òwúrọ̀ tí yóò ṣọ́ ọ̀sán. Wọ́n á jẹ mọ́ínmọ́ín àti ògì ní aago mẹ́jọ, ṣúgà á gòkè. Kí ó tó sọ̀ tán, àmàlà aago méjì á bá a lókè, èyí tó kù á sì bá oúnjẹ alẹ́.

Wákàtí kan ṣoṣo tí Màámi ń yẹ ara wọn wò nínú mẹ́rìnlélógún ni wákàtí kan ṣoṣo tí oògùn ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn gba ọdẹ alẹ́ nìkan, tó wá ń lọ wo ilé láràárọ̀ kí ọdẹ tó lọ, tó sì ń sọ pé olè kò wọlé mi. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Sítíríìpù ọgbọ̀n lóṣù béèrè ohun kan náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta, ìdáhùn kan náà ni wọ́n sì ń gbà. Èyí tó burú jù ni pé owó ìbéèrè yẹn ló ń lé oògùn òwúrọ̀ jáde.

Kí a má baà máa jiyàn lọ, mo bẹ Màámi pé kí a fi sítíríìpù mẹ́fà wo nǹkan. Ọjọ́ mẹ́ta, oúnjẹ ọ̀sán, ẹ̀ẹ̀kan kí wọ́n tó jẹun, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí méjì lẹ́yìn òkèlè àkọ́kọ́. Ọjọ́ kìíní: 188 kí wọ́n tó jẹ, 266 lẹ́yìn rẹ̀. Ọjọ́ kejì: 179, 251. Ọjọ́ kẹta: 194, 270. Kí ó má kọjá 180 lẹ́yìn oúnjẹ ni àfojúsùn. Màámi wo ẹ̀rọ náà títí, wọ́n yí i padà bí ẹni tí ń wá ibi tí irọ́ wà, wọ́n wá sọ pé, “Àṣé ọ̀sán ló ń ṣe mí báyìí.” Ọjọ́ yẹn ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í lo hóró òwúrọ̀, láìsí àríyànjiyàn kankan mọ́.

Sítíríìpù ni a ń dín, a kì í dín oògùn

Láti ìgbà náà ni mo ti rí i pé ohun méjì tí a ń pè ní “ìnáwó ṣúgà” kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. Oògùn ló ń mú ṣúgà wálẹ̀. Sítíríìpù kì í mú un wálẹ̀. Ìròyìn ló ń mú wá, ìròyìn tí a kò bá sì fi yí nǹkan kan padà, a kàn rà á lásán ni. Ní ọdún 2017, wọ́n tẹ èsì ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ìpínlẹ̀ North Carolina, ní Amẹ́ríkà, láàárín 450 ènìyàn tó ní àtọ̀gbẹ oríṣi kejì tí wọn kì í lo ínsúlíìnì. Lẹ́yìn ọdún kan, HbA1c àwọn tó ń gún ìka lójoojúmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn tí kì í gún un rárá. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni torí èyí ju ẹ̀rọ rẹ̀ nù. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè dín sítíríìpù kù láìbẹ̀rù, bí ó bá ti mọ èyí tó yẹ kí ó dín, tí oògùn rẹ̀ sì pé. Àmọ́ kò sí bí a ṣe lè gé oògùn sí méjì kí ìdajì náà máa ṣiṣẹ́ odidi.

Nítorí náà, a padà sọ́dọ̀ dókítà, a sì sọ òótọ́ fún un pé owó oògùn alápapọ̀ yẹn ju agbára wa lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, mo sì rò pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ìtìjú yìí ń pa. Dókítà kò bá wa wí. Ó ní bí ènìyàn bá sọ fún òun pé òun kò lè rà á, òun á wá òmíràn. Bí kò bá sọ, ohun tí òun á máa rò ni pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́, òun á sì tún fi òmíràn lé e. Ó yọ fidagilíbítìn kúrò, ó fi mẹtifọ́mìn nìkan sílẹ̀ lọ́tọ̀, hóró 500 méjì pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, méjì pẹ̀lú oúnjẹ alẹ́, ìwọ̀n mẹtifọ́mìn kan náà tó wà nínú oògùn àtijọ́. Kí ó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó wo èsì àyẹ̀wò kíndìnrín, nítorí pé wọ́n máa ń dín mẹtifọ́mìn kù, tàbí kí wọ́n dá a dúró, bí kíndìnrín bá ti ń rẹ̀. Àyẹ̀wò yẹn kò sí lára ohun tí a lè fi ṣọ́ owó.

Ó wá kù kí a wá ẹnì kejì fún mẹtifọ́mìn. Ní ilé oògùn tí a ti ń rajà, ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà ti fi gilibẹnkílámáìdì hàn wá tẹ́lẹ̀, ó ní òun ni ó pọ́ọ́kú jù, pé “gbogbo àwọn màmá ló ń lò ó.” Dókítà mi orí. Màámi ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin, gilibẹnkílámáìdì sì máa ń pẹ́ lára àgbàlagbà, ó lè fa ṣúgà wálẹ̀ kọjá ààlà kí ó má sì jẹ́ kó gòkè padà bọ̀rọ̀. Láti ọdún 2013 ni ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ ọ́ pé kò yẹ fún ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, gilikilasáìdì ni wọ́n sì fi sí ipò rẹ̀. Gilikilasáìdì 30, èyí tó ń tú sínú ara díẹ̀díẹ̀, ọ̀kan pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀, ni ó kọ fún Màámi. Odidi ni a ń gbé e mì, a kì í lọ̀ ọ́, a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu. Orúkọ oògùn ni a fi ń rajà báyìí, kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, owó oògùn méjèèjì fún oṣù kan ní ọ̀dọ̀ wa kò sì tó ìdajì ti àtijọ́.

Àmọ́ ohun tó wọ́n kúrò níbì kan ti lọ ṣú jọ sí ibòmíràn. Oògùn àtijọ́ kì í sábà fa kí ṣúgà já wálẹ̀. Gilikilasáìdì lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ènìyàn bá lò ó tí kò sì jẹun lásìkò. Èyí túmọ̀ sí pé iṣẹ́ sítíríìpù nínú ilé wa ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, ohun tí a ń fi wá ni ibi tí ṣúgà ti ga. Ní báyìí, a gbọ́dọ̀ tọ́jú díẹ̀ pamọ́ de ọjọ́ tó bá já.

Àádọ́ta sítíríìpù fún oṣù mẹ́ta

Ike kan tó ní 50 ni a ń rà. A pinnu pé yóò lo oṣù mẹ́ta, torí pé oṣù mẹ́ta ni àkọlé ara ike tiwa fún un lẹ́yìn tí a bá ti ṣí i. Àwọn mìíràn ń fún un ní oṣù mẹ́fà, ẹ wo tiyín. Mo fi bírò kọ ọjọ́ tí a ṣí i sára ike. Nǹkan bí 16 ló kan oṣù kan.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù, ọjọ́ mẹ́ta ni Màámi ń fi wo oúnjẹ àárọ̀, kí wọ́n tó jẹ àti wákàtí méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ti ìṣáájú yẹn náà ni òǹkà òwúrọ̀ wọn, a kò tún ra ìyẹn lọ́tọ̀. Mẹ́fà nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mẹ́fà mìíràn fún oúnjẹ ọ̀sán ní oṣù kan, fún oúnjẹ alẹ́ ní oṣù kejì. Mẹ́rin tó kù jẹ́ ti pàjáwìrì, a kì í fọwọ́ kàn án nítorí ìfura lásán. Ẹni tó da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ̀gbẹ́ òǹkà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n jẹ sí, torí pé 240 tí kò ní “ìrẹsì, abọ́ méjì” lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè kọ́ wa ní ohunkóhun. Láti inú ìwé yẹn ni a ti rí i pé tùwó àgbàdo ìyàwó mi àti àmàlà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ lára Màámi. Bí òkèlè ṣe pọ̀ tó ló ń pinnu.

Pàjáwìrì àkọ́kọ́ dé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún. Màámi mu ògì díẹ̀ ní aago méje, wọ́n lo oògùn, wọ́n sì bá ẹnì kan lọ sí ọjà Kubwa. Ọkọ̀ kò tètè dé. Aago méjì kọjá kí wọ́n tó wọlé, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, wọ́n sì ń kanra mọ́ ọmọ tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, èyí tí kì í ṣe ìwà wọn. Ẹ̀rọ sọ 58. Lábẹ́ 70, a kì í dúró gbọ́ àlàyé. A po ṣíbí ìtíì mẹ́rin ṣúgà sínú omi, wọ́n mu ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, 84. Wọ́n sì jẹun lójú ẹsẹ̀. Sítíríìpù méjì. Bí kò bá sí ọ̀kan nílé, kí a fún wọn ní ṣúgà náà ni, kí a má wá sítíríìpù lọ. Àmọ́ òǹkà yẹn ló jẹ́ ká lè pe dókítà kí a sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Kò yí oògùn padà. Ó ní ọjọ́ tí oúnjẹ àárọ̀ bá jẹ́ ògì lásán, kí wọ́n fi àkàrà tàbí ẹ̀wà tì í, kí wọ́n má sì jáde láìní nǹkan jíjẹ nínú àpò.

Àwọn ibi tí sítíríìpù ń jò sí

Ìṣòro tó kù ni èyí tí kò ní oúnjẹ tàbí oògùn nínú. Ní oṣù kẹrin, àsìkò máńgòrò, Màámi wo ṣúgà lẹ́yìn tí wọ́n bó máńgòrò fún àwọn ọmọ, ẹ̀rọ sì sọ 312. Ilé dàrú. Wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nu ìka, ó ṣì ju 200 lọ. Ìgbà tí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́, tí wọ́n sì nù ún gbẹ, ó di 141. Omi máńgòrò tó wà lára ìka ni ẹ̀rọ ń wọ̀n. Sípíríìtì kì í mú ṣúgà èso kúrò dáadáa; omi ló ń mú un kúrò. Sítíríìpù mẹ́ta ló bá a lọ, nígbà tó yẹ kí ó jẹ́ ẹyọ kan.

Èkejì ni àwítúnwí. Ẹ̀rọ á sọ 138, Màámi kò ní gbà, wọ́n á tún gún un, á sọ 151, wọ́n á gún ẹ̀kẹta láti mọ èyí tó jẹ́ òótọ́. Òótọ́ ni méjèèjì. Ìlànà àgbáyé fún àwọn ẹ̀rọ yìí, ISO 15197 ti ọdún 2013, gbà kí òǹkà fi ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún lé tàbí dín sí ti láàbù bí ṣúgà bá tó 100 sókè. Ìyàtọ̀ 13 kò jẹ́ nǹkan kan. Ìgbà tí òǹkà kò bá bá bí ara ṣe ń ṣe wọ́n mu rárá nìkan ni a ń tún un wò, a ó sì kọ́kọ́ fọwọ́.

Ẹ̀kẹta dùn mí nítorí pé inú rere ló bí i. Màámi àti ìyá kan ní ojúlé kejì, tí ẹ̀rọ wọn jẹ́ irú kan náà, dáwó ra ike kan, wọ́n sì da ìdajì rẹ̀ sínú ìgò fítámì tó ṣófo. Bí a bá ń gúnyán nínú odó, tí a ń sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó, bí wọ́n ṣe dá mi lóhùn nìyẹn. Àmọ́ kẹ́míkà tó wà lórí sítíríìpù ń bàjẹ́ bí ọ̀rinrin bá kàn án, ike tó bá a wá sì ní ohun tó ń fa ọ̀rinrin mu nínú ìdérí tàbí lára rẹ̀. Kò pẹ́ tí ti aládùúgbò wa fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òǹkà tí kò ní ìdí, tí ó sì máa ń fi àmì àṣìṣe hàn lórí ẹ̀rọ. Wọ́n dà á nù. Ike kékeré oní-25 ni oníkálukú wọn ì bá rà. Bákan náà ni a kì í fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn Àbújá, a kì í gbé e sínú fíríìjì, a kì í sì í fi í sínú ìkòkò-inú-ìkòkò, ìkòkò amọ̀ méjì tí iyanrìn tútù wà láàárín wọn, èyí tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jígáwá, ṣe ní àwọn ọdún 1990 láti máa mú nǹkan tutù láìlo iná. Ìkòkò yẹn dára fún tòmátì, ó sì lè bá ẹni tí kò ní iná tu ìgò ínsúlíìnì lára, àmọ́ ilé ọ̀rinrin ni fún sítíríìpù.

Ẹni tí òǹkà yìí kò bá mu

Kí ẹni tó ń lo ínsúlíìnì má fi àádọ́ta wa ṣe òdiwọ̀n. Ìwọ̀n tó máa gún sára lè jẹ́ orí òǹkà yẹn ló dúró lé, sítíríìpù tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń dín bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní oríṣi kìíní kò gbọ́dọ̀ dá ínsúlíìnì dúró fún ọjọ́ kan, bí owó tilẹ̀ tán, bí kò tilẹ̀ lè jẹun. Bí èébì, inú rírun àti mímí kíákíá bá bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn ló kàn, kì í ṣe ilé oògùn. Aboyún náà kò sí nínú ètò yìí. Fún Màámi gan-an, bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú wọn, a kì í ka sítíríìpù mọ́, a sì ń pe dókítà lórí bóyá kí wọ́n dá mẹtifọ́mìn dúró fúngbà díẹ̀.

Oṣù Ramadáánì náà ní ìṣirò tirẹ̀. Dókítà gbà kí wọ́n gbààwẹ̀ lẹ́yìn tí ó gbé gilikilasáìdì lọ sí ìgbà ìṣínu, tí mẹtifọ́mìn sì pín sí ìṣínu àti sààrì. Gígún ìka kì í ba ààwẹ̀ jẹ́, àlùfáà wa náà sọ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá já sí ìsàlẹ̀ 70, tàbí tó kọjá 300, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣínu lójú ẹsẹ̀. A ra ike kékeré kan fún oṣù yẹn nìkan, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì jẹ ìdajì rẹ̀, lọ́sàn-án àti kí oòrùn tó wọ̀.

Àyẹ̀wò oṣù mẹ́ta tó tẹ̀ lé e dé ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá: 7.5%. Ìwé pélébé yẹn ti kún, Màámi sì ti ra òmíràn. Sítíríìpù mẹ́ta ló kù nínú ike nígbà tí ọjọ́ tí mo kọ sára rẹ̀ pé. Wọ́n ní kí a ṣì máa lò ó, mo ní ó ti kọjá, a sì jọ jiyàn lórí sítíríìpù mẹ́ta fún bí ìdajì wákàtí. Nígbẹ̀yìn, wọ́n fi ọ̀kan wò ó pẹ̀lú ọ̀kan láti inú ike tuntun, lórí ìka kan náà: 149 àti 118. Wọ́n kọ méjèèjì sínú ìwé tuntun, wọ́n fa ìlà sí abẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì ju ike àtijọ́ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí fúnra wọn.